Káàdì Ẹ̀gbẹ́ Fírémù: Bí A Ṣe Ń Kọ Ti Àwòrán Títẹ̀

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ iṣẹ́ ọnà àti àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán sọ ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn. Mo tún un tò díẹ̀ kí ó lè rọrùn láti kà.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí káàdì tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán nígbà ìpàtẹ. N kò ní mú gbogbo irú àwòrán. Àwòrán títẹ̀ ni mo fẹ́ mú, ìyẹn èyí tí a gbẹ́ sára líno tàbí pákó, tàbí tí a fi ásíìdì jẹ sára páànù, tí a fi yíǹkì pa, tí a tẹ̀ mọ́ bébà, tí a wá fi gíláàsì àti fírémù dè. Mo mú un nítorí pé káàdì tirẹ̀ ló máa ń dàrú jù. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń kọ káàdì àwòrán ọ̀dà lè kọ ti àwòrán títẹ̀ kí ó má sì dáhùn ìbéèrè kankan tí àlejò ní lọ́kàn.

Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Àlejò dúró níwájú fírémù. Ó rí nọ́ńbà kan tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán: 4/15. Ọ̀kan á rò pé ọjọ́ àti oṣù ni. Òmíràn á rò pé máàkì ni, pé olùkọ́ fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì máa ń ṣe é láàánú. Ẹni tó bá ti gbọ́ díẹ̀ á ní, "Àṣé fọ́tòkọ́pì ni wọ́n gbé kọ́ fún wa." Gbogbo wọn á wá bojú wo káàdì, káàdì á sì máa sọ fún wọn nípa ẹwà àṣà Yorùbá. Wọ́n á ka ìlà méjì, wọ́n á rìn lọ síbi fírémù tó kàn.

Lójú tèmi, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni káàdì ní: kí ẹni tó kà á tún gbé ojú padà sí àwòrán, kí ó rí ohun tí kò rí nígbà tó kọ́kọ́ wò ó. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lónìí, abẹ́ ìyẹn ló wà.

Àwòrán kan ni n ó fi ṣàlàyé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀dọ́ kan níhìn-ín ni ó ṣe é. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí náà ibi tí orúkọ yẹ kó wà, "Ayàwòrán" ni ẹ ó rí. Àwòrán líno ni. Òpó márùn-ún tò lẹ́sẹẹsẹ nínú rẹ̀, ṣíbí sì wà láàárín òpó kan àti èkejì. Àwọ̀ aró méjì ló wà nínú rẹ̀, èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ àti èyí tó dúdú, pẹ̀lú funfun bébà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ìyá yín ní aṣọ àdìrẹ nílé ti mọ ohun tó jẹ́: Ìbàdàndùn ni. Òpó wọ̀nyẹn, òpó Gbọ̀ngàn Màpó ni.

Kí a tó kọ ohunkóhun, ẹ tú àwòrán kúrò nínú fírémù, tàbí kí ẹ wà níbẹ̀ kí onífírémù tó dè é. Páálí tí wọ́n gé ojú fèrèsé sí láàárín, tó yí àwòrán ká lábẹ́ gíláàsì, ló máa ń bo ohun tí a nílò mọ́lẹ̀. Àṣà àwọn tó ń tẹ àwòrán ni pé wọ́n á fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí apá òsì lábẹ́ àwòrán, àkọlé sí àárín, ìbuwọ́lùwé àti ọdún sí apá ọ̀tún. Mo ti rí onífírémù tó fi páálí bo gbogbo rẹ̀ kí ojú rẹ̀ "lè mọ́". Ìyẹn ṣì ní àtúnṣe, a ó tú u ni. Mo tún ti rí èyí tí wọ́n gé etí bébà dànù kí ó lè wọ fírémù tó wà nílẹ̀. Ìyẹn kò ní àtúnṣe kankan: nọ́ńbà ti lọ, ìbuwọ́lùwé ti lọ, iye owó àwòrán náà sì ti lọ pẹ̀lú wọn.

Nígbà tó bá wà níta, ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wọn ibi tí yíǹkì dé, ẹ sì wọn bébà lódindi, nítorí wọn kì í bára mu. Tiwa yìí, àwòrán fúnra rẹ̀ ga ní 30 sẹ̀ntímítà, ó fẹ̀ ní 40. Bébà ga ní 38, ó fẹ̀ ní 50. Gíga ni a máa ń kọ ṣáájú fífẹ̀. Bí ẹ bá yí i padà, ẹni tó ń ka ìwé ìpàtẹ láìrí àwòrán á rò pé àwòrán tó dúró gbọọrọ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ìbú ni tiwa dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ẹ wo yíǹkì. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ láti ara líno, yíǹkì rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì sábà máa ń nípọn díẹ̀ ní etí ibi tí ọ̀bẹ ti kọjá, nítorí pé nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yíǹkì sún lọ sí etí. Bí ẹ bá yí ẹ̀yìn bébà sí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ lè rí ojú ibi tí títẹ̀ ti wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tó-tò-tó aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ rí nínú awò, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ láti ara fọ́tò. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn fi ẹ̀rọ tẹ àwòrán rẹ̀ kí ó sì tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tó burú ni kí káàdì pè é ní àwòrán líno. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: "Ẹ̀dà tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀ láti ara àwòrán ọ̀dà," kí ẹ sì fi ọdún tí wọ́n ya àwòrán ọ̀dà náà àti ọdún tí wọ́n tẹ ẹ̀dà yìí sí i.

Ó wá ku kíkọ. Apá méjì ni káàdì ní. Apá òkè ni ti ìdánimọ̀, apá ìsàlẹ̀ ni ti àlàyé. Ìdánimọ̀ àwòrán wa nìyí:

Ayàwòrán (a bí i ní Ìbàdàn, 1991)
*Ìbàdàndùn*, 2019
Àwòrán líno aláwọ̀ méjì lórí bébà, ẹ̀dà 4 nínú 15
Àwòrán: 30 × 40 sm, bébà: 38 × 50 sm
Ẹni tó ni ín ló yá wa fún ìpàtẹ yìí

Orúkọ àti ọdún ìbí kò ní wàhálà. Àkọlé ni a máa ń fi lẹ́tà tó dagun kọ, kí ó lè yàtọ̀ sí ohun tó yí i ká. Bí ayàwòrán kò bá fún un ní àkọlé, ẹ má ṣe bá a sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ kọ "Kò ní àkọlé". Ìlà ìkẹyìn sọ ẹni tó ni ín. Bí ẹni náà kò bá fẹ́ kí á mọ òun, bí a ṣe kọ ọ́ yìí ti tó. Ìlà kẹta ni mo fẹ́ dúró lé lórí.

Àwọn kan máa ń kọ "iṣẹ́ títẹ̀" síbẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tó. Líno yàtọ̀ sí pákó, pákó yàtọ̀ sí páànù tí ásíìdì jẹ, ìyàtọ̀ náà sì hàn lójú. Ìlú yìí gan-an kò yẹ kó kọ irú káàdì bẹ́ẹ̀. Ìbàdàn ni Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1961, láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn sì ni Ru van Rossem, ọmọ ilẹ̀ Nẹ́dálàńdì tó mọ iṣẹ́ títẹ̀ dunjú, wá ń kọ́ àwọn ayàwòrán wa bí ásíìdì ṣe ń jẹ páànù. Bruce Onobrakpeya, tí a bí ní 1932, wà lára àwọn tó kọ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó rí ọ̀nà ìtẹ̀ tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní pílásítógíráàfù. Bí ẹ bá gbé irú iṣẹ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́, pílásítógíráàfù ni kí káàdì pè é, nítorí ẹni tó dá a sílẹ̀ ló fún un lórúkọ. Kí àlàyé ìsàlẹ̀ wá sọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ẹ má fi "títẹ̀ orí páànù" rọ́pò rẹ̀ kí ó lè dàbí èyí tó rọrùn.

Nọ́ńbà ńkọ́? 4/15 túmọ̀ sí pé ẹ̀dà 15 ni ayàwòrán tẹ̀, tó sì buwọ́ lù, èyí sì ni a ka ìkẹrin. Kò túmọ̀ sí pé òun ló kẹ́rin jáde lábẹ́ ìtẹ̀ ní tòótọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ayàwòrán á sá gbogbo rẹ̀ kí ó gbẹ, wọ́n á tó wá jókòó kọ nọ́ńbà sí i. Kò sì túmọ̀ sí pé ìkẹrin dára ju ìkẹrìnlá lọ. Fún páànù tí a kàn fi abẹ́rẹ́ ha, bẹ́ẹ̀ ni, ojú rẹ̀ máa ń parẹ́ bí a bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àwọn tó kọ́kọ́ jáde á sì mọ́ ju àwọn tó gbẹ̀yìn lọ. Ẹ̀dà 15 péré kì í ṣe nǹkan kan fún líno. Bí ẹ bá rí A/P níbi tí nọ́ńbà yẹ kó wà, ẹ̀dà tí ayàwòrán fi pamọ́ fún ara rẹ̀ ni, kò sí lára iye tó kà.

Mo mọ̀ pé àwọn ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé kan kì í kọ nọ́ńbà ẹ̀dà sórí káàdì. Àwọn ní ìdí tiwọn. Níhìn-ín, ó yẹ ká kọ ọ́, nítorí àlejò ti rí i nísàlẹ̀ àwòrán, ó sì ti ń ro ohun tí kì í ṣe. Ẹ má kọ ọ́ bí ó ṣe wà lábẹ́ àwòrán. "4/15" lórí káàdì kò fi nǹkan kan kún ohun tó ti rí. "Ẹ̀dà 4 nínú 15" ti dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí àlàyé. Ọmọ kan tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló kọ èyí, mo sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ láti kà á fún yín:

"Iṣẹ́ ọnà àràmàǹdà yìí ń ṣàfihàn ẹwà àti ọlá àṣà Yorùbá. Ayàwòrán fi ọgbọ́n inú gbé ìtàn ìlú Ìbàdàn kalẹ̀ ní ọ̀nà tó wọni lọ́kàn. Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, dúró gẹ́gẹ́ bí àmì ìṣọ̀kan, àwọn ṣíbí sì ń ṣàpẹẹrẹ ọ̀pọ̀ yanturu. Àwọ̀ aró ń rán wa létí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá wa. Iṣẹ́ yìí ń pè wá láti ronú lórí ibi tí a ti ń bọ̀ àti ibi tí à ń lọ."

Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n ẹ mú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fírémù tó wà lápá ibòmíràn nínú yàrá, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣì bá a mu. Gbólóhùn àkọ́kọ́ á bá a mu. Èkejì náà á bá a mu, bí ẹ bá yọ orúkọ ìlú. Ìkẹyìn á bá àwòrán màlúù mu. Gbólóhùn tó bá lè ṣí kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán láìfi ohunkóhun dù ú, ẹ jẹ́ kó máa lọ. "Àràmàǹdà" ní tirẹ̀, mo ti fòfin dè é lọ́dọ̀ tèmi. Bí àwòrán bá jẹ́ àràmàǹdà, ojú á rí i. Bí kò bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, káàdì ti purọ́.

Èyí tó ní ṣíbí ń ṣàpẹẹrẹ ọ̀pọ̀ yanturu, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà, ó ní òun rò bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn kò tó láti lẹ̀ mọ́ ògiri, nítorí ohun tó bá wà lára ògiri, òótọ́ ni àlejò gbà á sí. A pe ayàwòrán. Ó ní aṣọ ìyá ìyá òun ni òun tẹ́ sílẹ̀ tí òun ń wò, pé bí ṣíbí ṣe wà láàárín òpó lára aṣọ ni òun ṣe gbẹ́ ẹ. Ẹ rí i pé ohun tó sọ dín, ó sì wúlò ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó tọ́ka sí ohun tí ojú lè rí: àwòrán yìí kò wo Màpó, aṣọ tó wo Màpó ló wò.

Ọdún 1929 jẹ́ òótọ́. Síbẹ̀ mo yọ ọ́. Ará Ìbàdàn tó bá wọlé mọ Màpó, ọdún tí wọ́n ṣí i kò sì ràn án lọ́wọ́ láti rí òpó inú àwòrán. Bí ìpàtẹ náà bá lọ sí ìlú tí wọn kò ti mọ gbọ̀ngàn náà, n ó dá a padà, n ó sì yọ nǹkan mìíràn.

Kí ló wà nínú àwòrán tí ojú àkọ́kọ́ kì í rí? Mo bi ọmọ náà, mo sì ní kó dúró níwájú rẹ̀ kó má kọ nǹkan kan. Nígbà tó pẹ́, ó ní ìlà tín-ín-rín kan wà lẹ́bàá òpó kẹta, tó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, tí kò sí lára àwọn òpó tó kù. Ìbẹ̀rẹ̀ káàdì nìyẹn. Ìlà náà wà níbẹ̀ nítorí bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Líno kan ṣoṣo ni ayàwòrán lò fún àwọ̀ méjèèjì. Ó kọ́kọ́ gbẹ́ gbogbo ibi tó fẹ́ kí ó wà ní funfun kúrò, ó fi yíǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ pa ìyókù, ó tẹ̀ ẹ́ sórí gbogbo bébà tó ní. Lẹ́yìn náà ó padà sórí líno yẹn kan náà, ó gbẹ́ ibi tó fẹ́ kí àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ti hàn kúrò, ó wá tẹ àwọ̀ dúdú lé orí ti àkọ́kọ́. Bí bébà bá yẹ̀ bí irun orí lásán nígbà títẹ̀ kejì, àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ á yọjú létí òpó. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: níwọ̀n bí ó ti gbẹ́ líno náà lẹ́ẹ̀kejì, kò lè padà lọ tẹ àwọ̀ àkọ́kọ́ mọ́ láéláé. Kí ó tó gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì ló ti gbọ́dọ̀ mọ iye tó fẹ́, kí ó sì tẹ díẹ̀ lé e fún èyí tó bá bàjẹ́. Nítorí náà, 15 yẹn kì í ṣe ìlérí tí ayàwòrán ṣe. Líno gan-an ló pàṣẹ rẹ̀.

Ẹni tó bá mọ èyí kò ní tún pè é ní fọ́tòkọ́pì. Àlàyé tí a wá kọ nìyí:

"Ẹ wo àárín àwọn òpó: ṣíbí ló wà níbẹ̀. Báyìí ni àwọn ìyá aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìbàdàn ṣe máa ń ya Gbọ̀ngàn Màpó sára aṣọ Ìbàdàndùn. Ìyẹ́ adìyẹ ni tiwọn. Ọ̀bẹ ni ayàwòrán yìí fi gbẹ́ tirẹ̀ sára líno. Ó tẹ àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, ó tún gbẹ́ líno kan náà sí i, ó tẹ àwọ̀ dúdú lé e. Lẹ́bàá òpó kẹta láti òsì, títẹ̀ kejì yẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀dà 15 ló wà. A ti gbẹ́ líno náà kọjá àtúntẹ̀."

Kò pé 80 ọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró lè kà á láàárín ìṣẹ́jú kan, kí àkókò sì ṣẹ́ kù láti wo òpó kẹta. Ìyẹ́ adìyẹ tí mo dárúkọ níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ ni àwọn ìyá fi ń fi ọwọ́ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ní Abẹ́òkúta, páànù tí a gé lójú ni wọ́n sábà máa ń fi ń tẹ ẹ̀kọ sí i. Ó wù mí kí n fi ti Abẹ́òkúta kún un, torí pé òun náà jẹ́ títẹ̀, ṣùgbọ́n káàdì kan kò lè gbé ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ fi èyí tó kù sínú ìwé ìpàtẹ.

Ìwé ìpàtẹ yẹn àti fọ́tò tí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, àlàyé tiwọn kì í ṣe èyí. Lórí fóònù, òpó kẹta kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, "ẹ wo" á sì di ẹ̀tàn. Ìlà ìdánimọ̀ àti gbólóhùn kan ti tó níbẹ̀: "Àwòrán líno tí a gbẹ́ láti ara aṣọ àdìrẹ Ìbàdàndùn." Ẹ má gbàgbé láti kọ ìwọ̀n sí i, nítorí nínú fọ́tò, àwòrán tó tó ojú ilẹ̀kùn àti èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ kò yàtọ̀ síra.

Bí ẹ bá fẹ́ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Yorùbá, ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀kan wé èkejì ní gbólóhùn sí gbólóhùn. Ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì lè má mọ Ìbàdàndùn rí, ẹni tó ń ka Yorùbá sì mọ̀ ọ́n. Wọn kò nílò ohun kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ lórí àmì ohùn, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ rere ti máa ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wa tẹ̀wé. Ẹ kọ ọ́ dáadáa nílé, ẹ gbé e lọ síbi ìtẹ̀wé, ó padà wá pẹ̀lú àpótí kékeré níbi tí ọ́ yẹ kó wà, tàbí kí àmì òkè sá lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Lẹ́tà ọ kékeré tó ní àmì ìsàlẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, `U+1ECD`, ṣùgbọ́n ọ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà yẹn ni a so àmì òkè mọ́, `U+0301`. Bí irú lẹ́tà tí ẹ yàn kò bá mọ bí a ṣe ń gbé àmì náà sí ipò rẹ̀, á gbé e síbi tó bá wù ú. `Noto Serif` àti `Charis SIL` mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ sọ iṣẹ́ náà di `PDF` nílé kí ẹ tó gbé e jáde, kí irú lẹ́tà náà lè bá a lọ, kí ẹ sì ka ẹ̀dà tí wọ́n bá tẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ wá jẹ́ kí àyè tó wà láàárín ìlà kan àti èkejì pọ̀ ju bí ẹ ṣe máa fi sí Gẹ̀ẹ́sì. Àmì wà lókè lẹ́tà wa, àmì wà nísàlẹ̀. Bí ìlà bá há, àmì ìsàlẹ̀ ìlà kìíní á máa kọlu àmì òkè ìlà kejì, ojú àgbàlagbà á sì rí i bí ìdọ̀tí. Bí lẹ́tà bá jẹ́ 20 pọ́ìntì, mo máa ń fún ìlà ní 30.

20 pọ́ìntì yẹn pọ̀ lójú àwọn kan. Ṣùgbọ́n àwòrán orí bébà máa ń sá fún iná, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń pa àwọ̀ àti bébà lára, ohun tó bá sì ti ṣí kò padà mọ́. Lúkísì ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀; nǹkan bíi 50 lúkísì ni àwọn ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń gbà láàyè fún un, ìyẹn sì ṣókùnkùn díẹ̀. Inú òkùnkùn kan náà ni ẹni tó ń ka káàdì wà. Nítorí náà lẹ́tà dúdú lórí bébà tó funfun díẹ̀ bíi mílíìkì ni kí ẹ lò. Ẹ má fi nọ́lọ́ọ̀nù dídán bò ó, nítorí á máa tan ìmọ́lẹ̀ sí ẹni tó ń kà á lójú. Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ ní kí ẹni tó ti ń lo awò ojú dúró ní nǹkan bíi mítà kan sí i ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá tẹ ọrùn síwájú, lẹ́tà kéré.

Káàdì wa, bí ẹ bá tẹ gbogbo rẹ̀ jọ, kò kọjá 20 sẹ̀ntímítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àárín àwòrán sábà máa ń wà ní 150 sẹ̀ntímítà sí ilẹ̀. Kí àárín káàdì wá wà ní nǹkan bí 135, kí ọmọdé àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè rí i. Apá ọ̀tún fírémù ni mo máa ń fi í sí, kí gbogbo káàdì inú yàrá sì wà lórí ìlà kan. Ẹ ṣọ́ òjìji o. Fírémù tó nípọn, tí iná ń bọ̀ wá bá láti apá òsì lókè, á ju òjìji sórí káàdì tó bá sún mọ́ ọn jù. Ẹ tan iná kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sún un títí òjìji á fi kúrò. Pátákó fóòmù ni kí ẹ lẹ bébà náà mọ́, nítorí bébà lásán á ká kò nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò sì rèé, tépù alápá méjì kì í di ògiri tí wọ́n fi ẹ̀múṣọ̀n kùn mú pẹ́. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ káàdì mọ́ ara fírémù tàbí gíláàsì.

Màmá kan láàárín yín ti bi mí kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé ṣé kí a kọ iye owó sórí káàdì. Màmá, ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti rí owó, owó ló ń wò, kò wo òpó kẹta mọ́. Ẹ fi nọ́ńbà kékeré sí igun káàdì, kí ẹ kọ owó sínú ìwé tó wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Fún àwòrán títẹ̀, ìwé yẹn gbọ́dọ̀ sọ iye ẹ̀dà tó kù lọ́wọ́ ayàwòrán, àti bóyá owó náà kan fírémù tàbí bébà nìkan. Bí wọ́n bá ra èyí tó wà lára ògiri, ẹ fi àmì pupa sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé náà, kì í ṣe lára káàdì, nítorí ẹni tó bá rí pupa lára ògiri á rò pé ó ti tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀dà mìíràn lè ṣì wà nílé ayàwòrán tó ń dúró de ẹni tó máa rà á.